Wáàtì Ara Páwà Páàkì: Gàrí Ni, Kì í Ṣe Gbágùúdá

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, Bódìjà n'Ìbàdàn ni mò ń gbé, iṣẹ́ fídíò òde ni mò ń ṣe. Láàptọ́ọ̀pù tí mo fi ń gé fídíò kò gbé iṣẹ́ mọ́. Ìgbéyàwó tí mo bá yà ní Sátidé, ó di Ọjọ́bọ̀ kí n tó lè kó o fún àwọn tó ni ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà orí tábìlì díẹ̀díẹ̀ kí n lè tò ó fúnra mi. Mo ti ra pírósẹ́sọ̀ Core i5-12400F àti gíráfíìsì káàdì RTX 3060. Mọ́dábọ́ọ̀dù, mẹ́mórì àti SSD wà nílẹ̀, mo sì ní háàdì dísìkì kan tí mò ń kó iṣẹ́ àtijọ́ sí. Páwà páàkì ló kù.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Mo lọ sí Ọ̀tígbà n'Íkẹjà, ẹni tó ń tajà gbé mẹ́ta kalẹ̀ níwájú mi. Wọ́n kọ 650W gàdàgbà sára èkíní, owó rẹ̀ ò sì tó ìdajì owó èkejì. Èkejì jẹ́ 550W, wọ́n lẹ àmì 80 PLUS Bronze mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta jẹ́ 750W, tòun ti àmì 80 PLUS Gold, ó sì fi ₦35,000 wọ́n ju èkejì lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní ìtumọ̀ 80 PLUS ni pé ìdá 80 nínú 100 iye tí wọ́n kọ ni yóò gbé jáde, pé 550W yẹn, 440W péré ni. Ìyàwó mi ní ká má dán 750W wò, pé yóò jẹ bátìrì ìnfátà wa tán. Ọlọ́jà ní tiẹ̀ ní wáàtì ni wáàtì, kí n mú èkíní, kí n fi owó tó kù ra ọtí. Mo ya àwòrán ìwé tó wà lára wọn, mo fi ránṣẹ́ sí yín. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, mo rí àwòrán náà, o ṣeun tó o yà á dáadáa. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbà ọ́ nímọ̀ràn, kò sí èyí tó gbà á. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà lọ́kàn ìyàwó rẹ, ìyẹn iye tí nǹkan náà yóò máa fà láti ara ìnfátà, ìbéèrè gidi ni, màá sì padà sórí rẹ̀. Ọlọ́jà yẹn ló jìnnà sí òótọ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí páwà páàkì ń ṣe. Iná 230 fọ́ọ̀tì ló wà lára ògiri rẹ, kò sì sí ẹ̀yà kankan nínú kọ̀ǹpútà tó lè gba irú iná bẹ́ẹ̀ sára. Páwà páàkì ló ń gbà á wọlé, tó ń sọ ọ́ di 12 fọ́ọ̀tì, 5 fọ́ọ̀tì àti 3.3 fọ́ọ̀tì, tó wá ń pín in fún mọ́dábọ́ọ̀dù, káàdì àti dísìkì. Bó ṣe ń yí i padà yẹn, díẹ̀ ń sọnù, ó ń di ooru. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ ń fẹ́ sí ọ lẹ́sẹ̀, iná tó o sanwó fún tí kò dé ọ̀dọ̀ káàdì rẹ ni.

Rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí. Ẹni tó bá fẹ́ kóńgò gàrí mẹ́wàá, gbágùúdá tí yóò wà nílẹ̀ yóò ju ti kóńgò mẹ́wàá lọ dáadáa, torí èèpo á kúrò, omi á sì jò kúrò nínú rẹ̀. Iye wáàtì tí wọ́n kọ sára páwà páàkì, gàrí ni, kì í ṣe gbágùúdá. Ohun tó lè gbé fún kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí èèpo àti omi ti lọ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ rẹ ṣì í. 550W Bíróònsì yẹn lè fún kọ̀ǹpútà rẹ ní 550 wáàtì gbáko. Ohun tí àmì 80 PLUS ń sọ ni iye gbágùúdá tí yóò fà láti ara ògiri kó tó lè rí 550 yẹn ṣe.

Ìyàwó rẹ náà, wí fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Ìkòkò tó lè gba kóńgò ìrẹsì mẹ́wàá kò ní kó o se mẹ́wàá. Iye tí kọ̀ǹpútà bá béèrè ni páwà páàkì ń gbé fún un. Bí ẹ̀yà inú rẹ̀ bá béèrè 250 wáàtì, 250 náà ni 550W yóò gbé jáde, 250 náà ni 750W yóò gbé jáde. Èyí tó bá ń fi nǹkan ṣòfò jù nínú àwọn méjèèjì ni yóò fà jù lára ìnfátà, bó ti wù kí iye tí wọ́n kọ sí i lára tóbi tó.

Ó kan èkíní wàyí, èyí tó jẹ́ 650W. Má wo iye gàdàgbà yẹn rárá. Wo tábìlì kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà tíńtín kọ. Ohun tí mo kà nínú àwòrán rẹ nìyí:

```
650W
+3.3V   20A
+5V     25A
+12V    17A
-12V    0.5A
+5VSB   2A
```

Lẹ́tà A yẹn ni áḿpù. Bó o bá ṣe fọ́ọ̀tì lọ́nà áḿpù, wáàtì ló ń bí. Mú ìlà +12V: 12 lọ́nà 17, 204 wáàtì ni. Ìlà +5V jẹ́ 125, ti +3.3V jẹ́ 66. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn jẹ́ 6 àti 10. Ro gbogbo wọn pọ̀, 411 wáàtì ni yóò fún ọ. Ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀, òun náà ló ń tú wọn fó: 650 tí wọ́n pariwo rẹ̀ lókè, kò sí níbì kankan nísàlẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ tíì sọ bóyá ó lè gbé 411 ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìlà tó ṣe pàtàkì fún ọ nínú wọn ni +12V, torí òun ni pírósẹ́sọ̀ ń jẹ, òun ni gíráfíìsì káàdì ń jẹ. Láyé àtijọ́, 5 fọ́ọ̀tì àti 3.3 fọ́ọ̀tì ni iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn jù, ìdí sì nìyẹn tí irú páwà páàkì olówó pọ́ọ́kú yìí fi kó áḿpù jọ sọ́dọ̀ wọn, bí ẹni kó ìjókòó sínú gbọ̀ngàn tí àlejò kò sí. Kọ̀ǹpútà òde òní kì í fi bẹ́ẹ̀ lò wọ́n. RTX 3060 rẹ, 170 wáàtì ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ fún un. Core i5-12400F, bó o tilẹ̀ rí 65W lára páálí rẹ̀, Intel kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lè gun 117 wáàtì nígbà tó bá ń sáré. 65 yẹn ni ti ìrìn jẹ́jẹ́. 170 pẹ̀lú 117 jẹ́ 287 wáàtì, o sì mọ̀ pé tí fídíò bá ń jáde, tí ohun tó o fi ń gé e bá mọ bó ṣe ń lo káàdì, àwọn méjèèjì lè jọ máa sáré. Fi 12 pín 287, nǹkan bí áḿpù 24 ni. Áḿpù 17 ni ti ọlọ́jà. O ò tíì ka fáànù àti mọ́tò háàdì dísìkì mọ́ ọn.

Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nìyí bó o bá rà á. Kọ̀ǹpútà yóò tàn. Yóò ṣí fídíò, wàá gé e, wàá to orin sí i, kò ní ṣe nǹkan kan, torí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gba 100 wáàtì lọ títí. O ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà. Alẹ́ ọjọ́ tó o bá tẹ bọ́tìnì pé kó gbé fídíò jáde, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ojú rẹ̀ yóò ṣú lójijì, yóò sì tún ara rẹ̀ tan bí ẹni pé Nẹ́pà mú iná. Ṣùgbọ́n gílóòbù yàrá rẹ ò kú. Bó o bá ṣí Event Viewer lórí Windows, wàá bá Kernel-Power 41 níbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn nìkan kò tó láti dá páwà páàkì lẹ́bi, ohun tó ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìgbà tí iṣẹ́ bá wúwo nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí gbogbo iṣẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò fà á, páwà páàkì ni mo máa kọ́kọ́ mú lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà nínú àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ tó o yà: súwíìṣì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 sí apá kan, 230 sí apá kejì. Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo rí i. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ẹnì kan gbé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà wá fún mi, tuntun ni lójú. Mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láìwo ẹ̀yìn. Mo tẹ bọ́tìnì, ó dún gbàà! bí ọ̀tà ìbọn, èéfín funfun yọ látinú ihò fáànù, òórùn rẹ̀ sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù títí di ọjọ́ kejì. Orí 115 ni súwíìṣì yẹn wà láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bó bá wà níbẹ̀, ṣe ni páwà páàkì ń sọ iná tó wọlé di ìlọ́po méjì kó tó lò ó. Iná wa tó jẹ́ 230 wá fẹ́ di ohun tó ju 600 fọ́ọ̀tì lọ nínú kápásítọ̀ méjì tí wọ́n ṣe fún 200 fọ́ọ̀tì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oníkọ̀ǹpútà ò bá mi jà, ṣùgbọ́n èmi ni mo ra òmíràn. Páwà páàkì tó bá ní súwíìṣì yẹn lónìí, iṣẹ́ àtijọ́ ni inú rẹ̀. Yọ èkíní kúrò.

Ìwé ara èkejì rèé:

```
550W   80 PLUS Bronze
AC INPUT  100-240V~
+3.3V   20A
+5V     20A    (+3.3V & +5V: 110W)
+12V    45A    540W
```

Wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yàtọ̀. 12 lọ́nà 45 jẹ́ 540. Nínú 550 tó ń pè ní agbára rẹ̀, ó lè fi 540 sórí ìlà tí káàdì àti pírósẹ́sọ̀ rẹ ń jẹ. Bí a ṣe ń mọ èyí tí wọ́n ṣe lóde òní nìyẹn: ìlà +12V rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo wáàtì tó wà lójú páálí. Má ṣe ro 540 mọ́ 110 o, kò lè gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Inú àpò kan náà ni gbogbo wọn ti ń mú, 550 sì ni àpò náà.

Ṣé 550 tó ọ? Pírósẹ́sọ̀ àti káàdì jẹ́ 287. Mọ́dábọ́ọ̀dù, mẹ́mórì, SSD, háàdì dísìkì àti fáànù mẹ́ta, ká fi 60 sí i fún gbogbo wọn. Ó di nǹkan bí 350. Ó ṣẹ́kù 200. Má pe 200 yẹn ní ìfowóṣòfò. Káàdì tí wọ́n kọ 170 sí lè fò sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá tó kéré débi pé ojú ò lè rí i, páwà páàkì sì gbọ́dọ̀ lè fara dà á. Kápásítọ̀ inú rẹ̀ náà ń darúgbó. NVIDIA fúnra wọn, 550W ni wọ́n ní kí ẹni tó bá ra RTX 3060 lò, wọn kì í sì í ṣe ẹni tó fẹ́ ká ra èyí tó kéré jù. Bó bá wà lọ́kàn rẹ pé lọ́dún tó ń bọ̀ o fẹ́ fi RTX 4070 rọ́pò rẹ̀, 650W ni wọ́n kọ fún ìyẹn. Nígbà náà, béèrè 650W Bíróònsì lọ́wọ́ ọlọ́jà kan náà.

Ó wá ku àmì 80 PLUS, níbi tí ₦35,000 wà. Láti ọdún 2004 ni ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á gbé páwà páàkì sórí ẹ̀rọ, wọ́n á gbé ẹrù tó jẹ́ ìdá 20, lẹ́yìn náà ìdá 50, lẹ́yìn náà ìdá 100 agbára rẹ̀ lé e, wọ́n á sì wo ìdá mélòó nínú 100 iná tó fà wọlé ló dé ìhà kejì. Lórí iná 115 fọ́ọ̀tì, Bíróònsì gbọ́dọ̀ gbé ìdá 82 kọjá nígbà tí ẹrù kéré, 85 ní ìdajì, 82 nígbà tó bá kún. Góòlù gbọ́dọ̀ gbé 87, 90, 87. Lórí iná tiwa tó jẹ́ 230, méjèèjì máa ń ṣe dáadáa díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n jẹ́ ká fi ti 115 ṣírò kó má bàa dà bí ẹni pé mo ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Àwọn orúkọ mìíràn wà, Fàdákà láàárín àwọn méjèèjì, Pulatínọ́ọ̀mù àti Tàìténíọ̀mù lókè Góòlù. Fún iṣẹ́ tìrẹ, o ò nílò láti ronú kan àwọn méjì òkè yẹn.

Ká ní iṣẹ́ rẹ ń jẹ 250 wáàtì ní ìpíndọ́gba, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Lórí Bíróònsì, 250 pín sí 0.85, 294 wáàtì ló ń fà lára ògiri. Lórí Góòlù, 250 pín sí 0.90, ó ń fà 278. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ wáàtì 16, kò tó gílóòbù LED méjì. Lóṣù kan, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, kò pé kílówáàtì wákàtí mẹ́ta. Bó o bá wà lórí Báńdì A tó o ń san nǹkan bí ₦210 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦600 ni Góòlù yóò dá padà fún ọ lóṣù. Fi 600 pín 35,000 wò: oṣù 58, ó kù díẹ̀ kó pé ọdún márùn-ún, kí owó tó o fi lé e tó wọlé padà.

Ti ìnfátà wá ńkọ́? Ká ní bátìrì 200Ah méjì lẹ ní, tí ẹ kì í sì í jẹ́ kó lọ ju ìdajì lọ kí wọ́n má bàa tètè kú, bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kó rí fún bátìrì olómi. Lẹ́yìn tí ìnfátà fúnra rẹ̀ bá ti jẹ tirẹ̀, nǹkan bí 2,000 wáàtì wákàtí ni yóò kù fún yín. Kọ̀ǹpútà lórí Bíróònsì pẹ̀lú mọ́nítọ̀ tó ń jẹ 30 yóò lò ó fún wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lórí Góòlù, á tó wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, sọ fún ìyàwó rẹ pé 750W tó ń bẹ̀rù yẹn gan-an ni ì bá fi ogún ìṣẹ́jú kún iná ilé, torí pé Góòlù ni, kì í ṣe torí pé 750 ni. Bí ogún ìṣẹ́jú bá tó ₦35,000 lójú yín, ẹ rà á. Lójú tèmi, kò tó o.

Èrè Góòlù tí mo fẹ́ràn ju ti owó iná lọ ni ooru. Nínú ìṣirò wa, Bíróònsì ń sọ wáàtì 44 di ooru nínú àpótí rẹ̀, Góòlù ń sọ 28. Èyí tí ooru rẹ̀ kéré, fáànù rẹ̀ á dákẹ́ jù, kápásítọ̀ rẹ̀ á sì pẹ́ jù. Bó o bá ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá kan náà tí kọ̀ǹpútà wà, ìyẹn lè mú ọ yí ọkàn padà. Ṣùgbọ́n má rò pé àmì náà ń sọ ohun tí kò sọ. Wọn ò fi í dán an wò bóyá yóò pa ara rẹ̀ bí wáyà bá kan wáyà, bẹ́ẹ̀ ni yàrá tí wọ́n ti ń dán an wò, nǹkan bí 23 digíríì ló wà, kì í ṣe yàrá Bódìjà nínú oṣù Ẹ̀rẹ̀nà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá jókòó lásán tó ń jẹ 50 wáàtì, 750W kò tíì dé ìdá 7 agbára rẹ̀. Ibẹ̀ kò sí nínú ohun tí wọ́n wọ̀n fún Bíróònsì tàbí Góòlù rárá, torí orí ìdá 20 ni ìwọ̀n wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí mìíràn nìyẹn tí ríra èyí tó tóbi ju iṣẹ́ rẹ lọ kò fi ṣe ọ́ láǹfààní.

Àwọn ayédèrú sì wà lọ́jà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ àmì 80 PLUS. Àwọn tó ń bójú tó ètò náà báyìí ń jẹ́ CLEAResult, wọ́n sì kó orúkọ gbogbo páwà páàkì tó yege jọ sí ìkànnì wọn. Nọ́ńbà módẹ́lì ni kó o fi wá a, má fi orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan wá a. Tó o bá rí ilé iṣẹ́ tí o ò rí módẹ́lì, bi ọlọ́jà, kó o sì wo ojú rẹ̀. Wo wáyà rẹ̀ náà: RTX 3060 rẹ nílò orí tó ní ihò mẹ́jọ. Páwà páàkì tó bá ní òun lè gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ tí kò sì ní wáyà rẹ̀, tí ọlọ́jà ní kó o fi àdápútọ̀ so ó mọ́ wáyà háàdì dísìkì, òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́.

Ìlà kan kù tí àwọn ènìyàn kì í kà, òun ló sì ń dá kọ̀ǹpútà dúró jù ní àdúgbò tí iná kì í ti í dúró sójú kan. Ìlà AC INPUT ni. Èkejì kọ 100-240V. Ìyẹn ni pé bí iná Nẹ́pà bá ṣubú sí 160 lálẹ́ tí gbogbo ilé tan ẹ̀rọ amúlétutù, á ṣì máa ṣiṣẹ́, kìkì pé yóò fa áḿpù púpọ̀ sí i láti ara ògiri. Mo wo àwòrán ẹ̀kẹta, Góòlù yẹn, 200-240V ni wọ́n kọ sí i. Wọ́n ṣe é fún ilẹ̀ tí iná wọn kì í wá sílẹ̀ ju 200 lọ. Bí tiwa bá bọ́ sí 160, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́ láàárín iṣẹ́, bó ti wù kí Góòlù rẹ̀ dán tó. Àwọn méjèèjì ni iná tó bá fò kọjá 260 lè bà jẹ́, torí náà sitabiláísà ṣì jẹ́ dandan. Kí ìnfátà yín sì jẹ́ oní-píọ̀ síáìn wéèfù. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, irú páwà páàkì yìí lè máa kùn yùn-ùn tàbí kó kú nígbà tí iná bá ń yí láti Nẹ́pà sórí bátìrì.

550W Bíróònsì ni kó o rà, kó o sì fi ₦35,000 tó kù kún owó sitabiláísà. Ṣùgbọ́n kó o tó ka owó lé ọlọ́jà lọ́wọ́, ní kó tú páálí èyí tó fẹ́ gbé fún ọ gan-an, kì í ṣe èyí tó gbé sórí igbá, kó o sì fi ojú ara rẹ ka 45A àti 100-240V lára rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yàtọ̀ sí ti inú àwòrán, gbé e padà fún un.